Ohun Tó Ń Mú Òkun Kún Lẹ́ẹ̀mejì Lóòjọ́, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Àkókò Rẹ̀ Fúnra Yín

Ẹni tó bá wà ní etíkun Èkó láti ìdájí títí di òru yóò rí i pé òkun gòkè wá bá iyanrìn, ó fà sẹ́yìn, ó tún gòkè wá, ó sì tún fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kútọnu àti Lómé, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Salvador ní Bahia, ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì. Bí a bá béèrè ohun tó ń fà á, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé òṣùpá ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tíì parí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òṣùpá ń kọjá lókè orí wa láàárín ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló kàn ń fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni òkun ìbá máa kún. Ibo wá ni èkejì ti ń wá?

Ìbéèrè yìí ti dààmú àwọn ọ̀mọ̀ràn rí. Galileo gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1632, ó ní yíyí tí ayé ń yí ló ń mi omi òkun. Ohun tó ṣàlàyé kò lè mú ju kíkún ẹyọ kan lọ jáde lóòjọ́, ó sì kọ̀ láti gbà pé ọwọ́ òṣùpá wà níbẹ̀. Newton ló tú kókó náà ní ọdún 1687. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ká sì fi parí sí bí ẹni tó ń gbé létí omi ṣe lè mọ ìgbà tí òkun yóò kún lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ ya kíkún òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbì

Afẹ́fẹ́ ló ń bí ìgbì. Ìgbì kan a dé, a fọ́, òmíràn a sì tẹ̀ lé e kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kíkún òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú omi ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà, tó sì tún ń lọ sílẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ní Èkó, nǹkan bíi mítà kan ló wà láàárín ìgbà tí omi kún jù àti ìgbà tó lọ sílẹ̀ jù. Ìgbì tó ń fọ́ sí etíkun lè ga ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í tètè rí i lórí iyanrìn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa, ẹ lọ sí èbúté tí ìgbì kì í ti í rọ́ lù, kí ẹ wo òpó tí wọ́n fi gbé e ró. Apá ìsàlẹ̀ òpó náà yóò dúdú, yóò tutù, ìsán àti karawun yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lókè rẹ̀ ni apá tó gbẹ wà. Ààlà méjèèjì yẹn ni òkun fúnra rẹ̀ fi ń kọ ibi tó máa ń dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn bí òṣùpá ṣe ń fa ayé ní ibi mẹ́ta

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Agbára òòfà máa ń dín kù bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn. Òṣùpá jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé ní nǹkan bíi kìlómítà 384,400. Ayé fúnra rẹ̀ tóbi: láti àárín rẹ̀ dé ojú ilẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 6,370. Èyí já sí pé ẹ̀gbẹ́ ayé tó kọjú sí òṣùpá sún mọ́ ọn ju àárín lọ, ẹ̀gbẹ́ tó kọ̀yìn sí i sì jìnnà sí i ju àárín lọ.

Ká pe agbára tí òṣùpá fi ń fa àárín ayé ní 100. Bí a bá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú òfin Newton, ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ òṣùpá yóò jẹ́ 103.4, ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà yóò sì jẹ́ 96.8. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa: 103.4, 100, 96.8. Gbogbo wọn ni òṣùpá ń fà sí ọ̀nà kan náà. Kò sí èyí tó ń tì sẹ́yìn nínú wọn. Àmọ́ wọn kò gba agbára kan náà.

Ká ní ènìyàn mẹ́ta tò tẹ̀ léra wọn, tí wọ́n ń sáré lójú ọ̀nà kan. Ẹni iwájú ń sáré ju ẹni àárín lọ díẹ̀, ẹni àárín sì ń sáré ju ẹni ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Gbogbo wọn ló ń lọ síwájú. Ṣùgbọ́n bí ẹni àárín bá wo iwájú, yóò rí i pé ẹni iwájú ń jìnnà sí òun. Bó bá sì wo ẹ̀yìn, yóò rí i pé ẹni ẹ̀yìn náà ń jìnnà sí òun. Àlàfo ti là ní iwájú, ó ti là ní ẹ̀yìn.

Bí ayé àti òkun rẹ̀ ṣe wà nìyẹn. Òṣùpá kì í ṣe omi nìkan ló ń fà. Ó ń fa gbogbo ayé, àpáta inú rẹ̀ pẹ̀lú, ayé sì ń gbọ́ràn. Omi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òṣùpá gba 3.4 ju àárín ayé lọ, nítorí náà ó ṣíwájú ayé. Omi tó wà ní ẹ̀yìn fi 3.2 dín sí àárín, nítorí náà ayé ṣíwájú rẹ̀. Lójú àwa tó dúró lórí ilẹ̀, ó dà bíi pé omi ń wú jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ tún kíyè sí i pé 3.4 àti 3.2 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí kíkún òkun ti ẹ̀yìn kì í fi í jẹ́ ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iwájú.

Àwọn kan máa ń kọ́ ọmọ pé yíyí tí ayé ń yí lórí ara rẹ̀ ló ń ju omi síta ní ẹ̀yìn. Ẹ má gbà á. Yíyí ayé ń mú kí àárín rẹ̀ wú díẹ̀ yípo, lọ́sàn-án lóru, láìyẹ̀. Wíwú tí kì í yí padà kò lè mú òkun lọ kó sì mú un bọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín 103.4, 100 àti 96.8 ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo bí omi ṣe ń rìn

Ìyàtọ̀ tí a ń sọ yìí kéré gan-an. Bí a bá fi wé agbára tí ayé fi ń fa omi mọ́lẹ̀, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Agbára bẹ́ẹ̀ kò lè gbé omi sókè. Bó bá jẹ́ pé gbígbé sókè ni, omi inú garawa yín náà ìbá máa kún kó sì máa lọ sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní gbogbo ibi tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ òṣùpá àti àwọn ibi tí òṣùpá ti wà níbi tí ojú ọ̀run ti kan ilẹ̀, agbára náà dagun, ó ń fa omi gba ẹ̀gbẹ́. Kò sí ohun tó ń dí omi lọ́wọ́ láti rìn gba ẹ̀gbẹ́, bí agbára náà tilẹ̀ kéré tó. Omi tó kún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣàn sí ibi méjì: sí abẹ́ òṣùpá, àti sí òdìkejì rẹ̀ gan-an. Níbi tó ti pàdé ni ojú omi ti ga sókè. Níbi tó ti kúrò, ó lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí adágún kékeré kò fi ní kíkún àti fífà sẹ́yìn tí ojú lè rí: kò fẹ̀ tó kí omi rí ibi tí yóò ti ṣàn wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yí ayé

Òkè omi méjì ti wà báyìí, ọ̀kan lábẹ́ òṣùpá, ọ̀kan ní òdìkejì. Ayé sì ń yí lábẹ́ wọn. Etíkun Èkó yóò kọjá lára òkè àkọ́kọ́, yóò bọ́ sí àfonífojì, yóò tún kan òkè kejì, yóò tún bọ́ sí àfonífojì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sílẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe láàárín wákàtí 24 géérégé. Bí ayé ṣe ń yí, òṣùpá náà ń rìn lọ lọ́nà tirẹ̀, sí ibi kan náà tí ayé ń yí sí. Nígbà tí Èkó bá yí tán lẹ́yìn wákàtí 24, òṣùpá ti kúrò níbi tó wà lánàá, Èkó yóò sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lé e bá. Nítorí náà, wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50 ni odindi ìyípo náà, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló sì wà láàárín kíkún kan àti èkejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mú oòrùn wọlé

Oòrùn náà ń fa ayé, agbára rẹ̀ sì ju ti òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 180. Lórí òṣùwọ̀n tí a fi pe ti òṣùpá ní 100, ti oòrùn yóò sún mọ́ 18,000. Ẹni tó bá rí èyí lè rò pé oòrùn ló yẹ kó máa darí òkun. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ ayé kan àti àárín rẹ̀ ni òkun ń tẹ̀ lé. Oòrùn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà, tí títóbi ayé kò fi já mọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn. Ìyàtọ̀ tó mú wá kò ju 1.5 lọ lórí òṣùwọ̀n kan náà, nígbà tí ti òṣùpá jẹ́ bíi 3.3. Ìyẹn ni pé oòrùn kò tó ìdajì òṣùpá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, oòrùn, ayé àti òṣùpá wà lórí ìlà kan. Wọ́n pa agbára pọ̀: 3.3 àti 1.5 di 4.8. Òkun yóò kún gan-an ní àwọn ọjọ́ yẹn, yóò sì fà sẹ́yìn gan-an. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìdajì, oòrùn ń fa ibi tí òṣùpá ń mú lọ sílẹ̀, 1.5 á kúrò lára 3.3, á ku 1.8. Kíkún àti fífà sẹ́yìn yóò kéré. Etíkun kì í tẹ̀ lé nọ́ńbà wọ̀nyí gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n yóò máa ga, yóò máa rẹlẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú wọn. Kíkún tó ga jù sì sábà máa ń dé ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn àrànmọ́jú, kì í ṣe ní ọjọ́ náà gan-an, torí pé òkun máa ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ rántí pé ilẹ̀ dúró sójú ọ̀nà

Gbogbo ohun tí a ti sọ yóò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bó bá jẹ́ pé omi bo gbogbo ayé, tí omi náà sì jìn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè ìlà àárín ayé, ibi tó wà lábẹ́ òṣùpá ń sá lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 1,600 ní wákàtí kan. Nínú òkun tó jìn ní mítà 4,000, òkè omi gígùn irú èyí kò lè sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 700 lọ ní wákàtí kan. Òkè omi náà kò lè bá òṣùpá dọ́gba. Áfíríkà àti Amẹ́ríkà sì tún dúró láàárín ọ̀nà.

Laplace, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yanjú èyí ní àwọn ọdún 1770. Òṣùpá ń ti omi òkun ní ìgbà dé ìgbà, ní wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, omi inú agbami kọ̀ọ̀kan sì ń mì lọ mì bọ̀ bí fífẹ̀ àti jíjìn agbami náà ṣe gbà á. Agbami Àtìláńtíìkì fẹ̀ dé ìwọ̀n tó bá títì ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ mu. Ìdí nìyẹn tí Èkó, Salvador àti etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì láìyẹ̀. Àmọ́ gíga rẹ̀ yàtọ̀ gidigidi. Ní London, odò Thames lè gòkè ju mítà mẹ́fà lọ, nítorí pé ẹnu odò náà fẹ̀ ní òkun, ó sì ń fún bó ṣe ń wọlé, omi sì ń kó jọ. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, ó lè tó mítà 16. Etíkun wa là gbọọrọ, kò ní ẹnu bẹ́ẹ̀, ohun tó ń jẹ́ tirẹ̀ ni mítà kan.

Àwọn etíkun kan wà tí òkun ti ń kún lẹ́ẹ̀kan péré lóòjọ́. Pensacola ní Florida jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òṣùpá kì í dúró sórí ìlà àárín ayé. Ó máa ń lọ sí àríwá, ó sì máa ń lọ sí gúúsù láàárín oṣù kan. Nígbà tó bá lọ sí àríwá, òkè omi kan a wà ní àríwá, ìkejì a wà ní gúúsù. Ibi tó wà ní àríwá yóò wá kan òkè ńlá lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ èkejì sílẹ̀. Gulf of Mexico sì jẹ́ agbami tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mọ́, tí omi rẹ̀ ń dáhùn sí títì ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ohun méjèèjì pàdé níbẹ̀. Ẹ̀rí tó fi hàn pé bó ṣe rí nìyẹn ni pé nígbà tí òṣùpá bá ń kọjá lórí ìlà àárín ayé, kíkún Pensacola a kéré jọjọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣe ìṣirò ti etíkun yín

Nítorí gbogbo ìdíwọ́ tí a sọ yìí, ẹ kò lè wo òṣùpá lókè orí kí ẹ sì sọ pé òkun ti kún nísinsìnyí. Ibì kọ̀ọ̀kan ló ní ìdádúró tirẹ̀ láàárín ìgbà tí òṣùpá wà lókè àti ìgbà tí omi kún. Ẹ óò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, á sì wúlò fún yín.

Ẹ wá òpó tàbí ọ̀pá ní èbúté tí ìgbì kò ti le, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sí i ní sẹ̀ntímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ máa ka ojú omi ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò le. Bí omi bá ń gbọ̀n, ẹ ka ibi tó ga dé àti ibi tó rẹlẹ̀ dé, kí ẹ mú àárín wọn. Ẹ má fi ojú wá àkókò kíkún gan-an, nítorí omi máa ń dúró bíi pé kò mira ní àkókò yẹn. Ẹ kọ ìgbà tó kọjá ìlà kan nígbà tó ń gòkè, àti ìgbà tó kọjá ìlà kan náà nígbà tó ń padà. Àárín àkókò méjèèjì ni ìgbà tó kún.

Ká ní ẹ rí i pé òkun kún ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Yóò lọ sílẹ̀ tán ní nǹkan bí aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán. Yóò tún kún ní 6:35 ìrọ̀lẹ́, àti ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 50 lọ́nà méje á ti di wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 50, òkun yóò wá kún ní aago méjìlá ọ̀sán. Àárọ̀ tí ẹ bá omi nílé ní ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ óò bá iyanrìn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí aago tó wà tẹ́lẹ̀. Láti inú èyí ni ohun kan ti jáde tó wúlò gan-an: ní ibì kan náà, kíkún ńlá ti oṣù tuntun àti ti àrànmọ́jú máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ kọ aago yẹn sílẹ̀ fún èbúté yín.

Ìṣẹ́jú 50 jẹ́ ìwọ̀n àárín o. Ní àsìkò kíkún ńlá, ó lè dín sí nǹkan bí 40. Ní àsìkò ìdajì òṣùpá, ó lè kọjá wákàtí kan. Ẹ tún ìwọ̀n yín ṣe lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣírò oṣù kan.

Bí omi ṣe ń gòkè kò dọ́gba ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn awakọ̀ ojú omi máa ń pín in sí ọ̀nà méjìlá: ìdá kan ní wákàtí kìn-ín-ní, méjì ní ìkejì, mẹ́ta ní ìkẹta, mẹ́ta ní ìkẹrin, méjì ní ìkarùn-ún, kan ní ìkẹfà. Bí gbogbo gíga náà bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 120, omi yóò gòkè ní 10, 20, 30, 30, 20, 10. Ìdajì gbogbo rẹ̀ ló wọlé láàárín wákàtí méjì àárín, ìgbà yẹn sì ni omi sábà máa ń ṣàn le jù ní ẹnu ọ̀nà tóóró. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré kọjá níbẹ̀ yóò ṣe dáadáa bó bá dúró de ìgbà tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sílẹ̀ tán.

Àwọn ohun kan lè mú kí ìṣirò yín kùnà. Nínú ọ̀sà Èkó, ẹnu kan tó fún ni omi òkun ń gbà wọlé, nítorí náà kíkún inú ọ̀sà máa ń pẹ́ ju ti ìta lọ, kì í sì í ga tó o. Bó ṣe ń wọ inú lọ ló ń kéré. Ní àsìkò òjò, omi odò máa ń gbé ojú ọ̀sà sókè, fífà sẹ́yìn náà kì í hàn dáadáa. Èyí tó léwu jù ni ìgbì ńlá tí ìjì jíjìnnà ní gúúsù Àtìláńtíìkì rán wá. Ìgbì wọ̀nyẹn lè dé nígbà tí ojú ọ̀run wa mọ́ kedere. Bí wọ́n bá bá òkun ní ìdajì òṣùpá, iyanrìn ni wọn yóò fọ́ sí. Bí wọ́n bá bá a ní kíkún ńlá, wọn yóò gun orí ọ̀nà, wọn yóò wọ ilé. Oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án ni kíkún ńlá sábà máa ń ga jù láàárín ọdún, nítorí pé oòrùn wà lókè ìlà àárín ayé nígbà náà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tàbí àwọ̀n lórí iyanrìn ní àwọn oṣù yẹn, kó gbé e kúrò ní etí omi láti ọjọ́ àrànmọ́jú títí di ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, kó sì ṣe bákan náà nígbà tí oṣù bá lé.